Aago tí Màámi kọ etí ikún sí: àkọsílẹ̀ ìránnilétí oògùn ojú kan ní Òkè-Àdó

Nígbà tí àbúrò mi obìnrin lọ ra oògùn ojú tuntun fún Màámi, ó gbé ìgò tuntun náà sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí wọ́n ti ń lò láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ó sì mi méjèèjì létí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgò àtijọ́ náà kò fi bẹ́ẹ̀ fúyẹ́ ju tuntun lọ. Ó pè mí lórí fóònù, ó ní, “Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ wá wo nǹkan kan,” nítorí òun àti èmi la jọ mọ̀ pé àkọsílẹ̀ inú fóònù Màámi sọ pé wọn kò fo ọjọ́ kankan. Mo ṣí àkọsílẹ̀ náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Alẹ́ 21 ni ó wà níbẹ̀, gbogbo wọn ni a sì ti sàmì sí pé wọ́n ti ṣe é. Fóònù ń sọ̀rọ̀, ìgò ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ wọn kò sì bára mu.

Gílákómà ni dókítà sọ pé ó wà ní ojú Màámi méjèèjì. Àrùn yìí kì í sábà dun ènìyàn ní ìbẹ̀rẹ̀. Ìfúnpá inú ẹyin ojú ni ó sábà máa ń ga, tí yóò sì máa ba iṣan tí ó so ojú mọ́ ọpọlọ jẹ́ díẹ̀díẹ̀, ibi tí ó bá sì ti bàjẹ́ kì í padà bọ̀ sípò. Nítorí pé kò dunni, kò sí ohun kan nínú ara tí yóò rán aláìsàn létí pé oògùn ti tó lò, bí ìrora eyín ṣe máa ń ránni. Oògùn méjì ni wọ́n fún wọn. Tímólóòlù ni wọ́n ń kán láàárọ̀ àti lálẹ́, látánopurósìtì ni wọ́n ń kán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lálẹ́, ó sì yẹ kí wọ́n fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 5 sí àárín oògùn kan àti èkejì kí ìkejì má baà fọ èkíní dànù.

Èmi ni mo ṣètò ìránnilétí náà, nítorí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, gbogbo ilé sì gbà pé ọwọ́ mi ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ yẹ kí ó wà. Mo fi aago mẹ́ta sínú fóònù Màámi: aago 7 àárọ̀, aago 7 alẹ́, àti aago 9 alẹ́. Bọ́tìnnì méjì ni ó máa ń jáde nígbà tí aago bá ń ké: Done, tí ó túmọ̀ sí pé wọ́n ti kán an, àti Snooze, tí ó ń sún aago síwájú fún ìṣẹ́jú 10. N kò fi òpin sí iye ìgbà tí wọ́n lè sún un síwájú. Bí wọ́n bá sì ti sún un lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìkìlọ̀ yóò lọ sí ẹgbẹ́ Wọ́sáàpù ẹbí, níbi tí àwa 7 wà, pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n wa àgbà tí ó ń gbé ní Àbújá. Lójú mi nígbà náà, ètò yìí péye. Mo tilẹ̀ yin ara mi.

Ìṣẹ́jú 10 yẹn kì í ṣe ohun tí mo jókòó rò. Ohun tí mo bá nínú fóònù ni. Ọ̀pọ̀ fóònù Àńdíróìdì ń fi ìṣẹ́jú 10 ṣe é, Àìfóònù sì ti fi ìṣẹ́jú 9 ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tí ó dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ aago ni wọ́n ṣe irú ìsúnsíwájú bẹ́ẹ̀ fún, ẹni tí kò sí ohun tí ó dí i lọ́wọ́ ju oorun lọ, tí ó sì lè dìde nígbàkígbà tí ó bá fẹ́. Màámi kò dùbúlẹ̀ ní aago 7 alẹ́. Ọjà Gbági ní Ìbàdàn ni wọ́n ti ń tajà, aṣọ ni wọ́n ń tà, Òkè-Àdó sì ni ilé wà.

Kí n tó yí ohunkóhun padà, mo bá wọn wá sílé láti ọjà ní ọjọ́ Ẹtì kan. A ti ìlẹ̀kùn ìsọ̀ ní aago mẹ́fà ààbọ̀ kọjá díẹ̀. A dúró títí a fi rí Máíkírà, èèyàn mẹ́ta ni a sì jókòó lẹ́yìn, Màámi ní àárín, àpò ọjà lórí itan wọn. A kò tíì dé Ìwó Róòdù nígbà tí aago 7 ké. Mo ń wo ọwọ́ wọn. Wọn kò wo ojú fóònù náà rárá. Wọ́n ki ọwọ́ bọ inú àpò, wọ́n fi àtàǹpàkò wá ibi tí bọ́tìnnì wà, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì ń bá ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá obìnrin ẹ̀gbẹ́ wọn sọ lọ. Ó ké ní 7:10. Ó ké ní 7:20, dírẹ́bà sì ní, “Ẹ̀yin ìyá yìí, ẹni tó ń pè yín yìí kò níṣẹ́ míì ni?” Ó ké ní 7:30 àti 7:40, títí a fi wọlé ní nǹkan bí aago mẹ́jọ kù díẹ̀. Ìgbà márùn-ún ni ó ké nígbà tí ìgò oògùn wà lórí tábìlì ní yàrá wọn, tí kò sì sí ohunkóhun tí Màámi lè ṣe nípa rẹ̀.

Nígbà tí a wọlé, ó tún ké. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ó ké ní ibi tí oògùn wà. Màámi tẹ Done, wọ́n gbé fóònù sí orí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì lọ bọ́ aṣọ ọjà. Mo bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n ti kán an. Wọ́n ní, “Màá kán an nísinsìnyí. Mo kọ́kọ́ pa á lẹ́nu mọ́ ni.”

Gbólóhùn yẹn ni ó tú àṣírí ètò mi. Bí ènìyàn bá tẹ Snooze, ariwo yóò padà wá ní ìṣẹ́jú 10. Bí ó bá tẹ Done, ariwo yóò tán pátápátá. Mo ti sọ irọ́ di ọ̀nà kan ṣoṣo tí ìsinmi fi lè wá, mo sì wá ń ka irọ́ náà sí ẹ̀rí. Nígbà tí mo padà sí àkọsílẹ̀, mo wo iye ìṣẹ́jú àáyá tí ó wà láàárín ìgbà tí aago ké àti ìgbà tí wọ́n tẹ Done. Nínú alẹ́ 21, alẹ́ 13 ni kò tó ìṣẹ́jú àáyá 5. Kò sí ẹni tí ó lè fọ ọwọ́, tí yóò gbé orí sẹ́yìn, tí yóò fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀, tí yóò sì kán oògùn sí ojú méjèèjì ní ìṣẹ́jú àáyá 5. Ẹni tí ó bá ń ṣe irú ètò yìí fún ẹlòmíràn lè fi èyí ṣe àyẹ̀wò tirẹ̀: bí ìdáhùn bá yá ju iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ lọ, aago ni wọ́n ń dá lóhùn, kì í ṣe iṣẹ́.

Mo bẹ Màámi pé kí a fi ọ̀sẹ̀ kan kọ ọ́ sílẹ̀, kì í ṣe láti mọ̀ bóyá wọ́n kán oògùn, bí kò ṣe láti mọ ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tí aago ké àti ìgbà tí ọwọ́ wọn tó dilẹ̀. Àbúrò mi, tí ilé rẹ̀ kò ju ojúlé méjì lọ sí tiwọn, ni ó ń kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé gbèsè àtijọ́ kan. Ohun mẹ́ta péré ni ó ń dí wọn lọ́wọ́ lálẹ́. Ọ̀nà ọjà ni èkíní, ó sì ń gba tó wákàtí kan, ó sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ tí òjò bá rọ̀. Ìrun Ìṣáì ni èkejì, pẹ̀lú àlùwàlá, kò ju ìṣẹ́jú 15 lọ. Oúnjẹ alẹ́ ni ẹ̀kẹta, nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, àfi bí àlejò bá wà. Kò sí ohun kankan nínú ayé Màámi tí ó ń gba ìṣẹ́jú 10. Nítorí náà, ìsúnsíwájú tí mo fún wọn kò lè ṣe ju pé kí ó máa já lu ohun tí wọ́n ń ṣe kí ó tó parí.

Ohun àkọ́kọ́ tí a ṣe kò kan ìsúnsíwájú rárá. A gbé aago náà kúrò ní ibi tí kò ti lè wúlò. Mo bi dókítà léèrè bóyá a lè kán oògùn alẹ́ méjèèjì ní ìjókòó kan, tímólóòlù kọ́kọ́, látánopurósìtì lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, ó sì ní ó dára bẹ́ẹ̀. Aago 7 àti aago 9 alẹ́ wá di aago 8 kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà ni mo mú fóònù àtijọ́ kan tí ojú rẹ̀ ti sán, mo fi sí orí tábìlì tí ìgò wà, mo sì gbé ìránnilétí náà kúrò nínú fóònù ọwọ́ Màámi pátápátá. Bí ó bá ké nísinsìnyí, yóò ké ní ibi tí iṣẹ́ wà. Bí Màámi kò bá tíì dé, kò sí ẹni tí yóò máa fi àtàǹpàkò pa á lẹ́nu mọ́ nínú ọkọ̀, yóò ké fún ìṣẹ́jú kan, yóò sì sinmi fún 20 kí ó tó tún ké.

Gígùn ìsúnsíwájú ni ó kàn. Èrò mi àkọ́kọ́ ni pé kí n fún wọn ní iye mẹ́rin tàbí márùn-ún kí wọ́n yan èyí tí ó bá wù wọ́n, ṣùgbọ́n ojú tí kò ríran dáadáa lálẹ́ kò nílò bọ́tìnnì márùn-ún. Méjì ni mo fi sílẹ̀, n kò sì fi iye ìṣẹ́jú pè wọ́n. Orúkọ ohun tí wọ́n ń ṣe ni mo kọ sí wọn lára ní lẹ́tà gàdàgbà: “Mò ń kírun” ń sún un fún ìṣẹ́jú 20, “Mo ní àlejò” ń sún un fún ìṣẹ́jú 45. Ìlànà tí mo tẹ̀lé ni pé kí ìsúnsíwájú gùn díẹ̀ ju ohun tí ó fà á lọ, kí aago má baà tún padà bá wọn lórí ẹní. Ìrun ń gba 15, mo fi 20 sí i. Bí ìsúnsíwájú bá kúrú ju ohun tí ń díni lọ́wọ́ lọ, ẹlẹ́ẹ̀kejì yóò dájú pé yóò jẹ́ ìdíwọ́, ẹlẹ́ẹ̀kẹta yóò sì di àṣà. Bí ó bá sì gùn jù, ènìyàn yóò ti kó sí iṣẹ́ mìíràn kí ó tó ké. Màámi sọ fún mi pé bọ́tìnnì onírun yìí ni ó jẹ́ kí àwọn gbà pé ẹni tí ó ṣe é mọ̀ pé àwọn ń kírun. N kò ka ìyẹn sí ohun kékeré.

Fífi ọ̀rọ̀ lọ ẹlòmíràn ni ó ṣòro jù. Ní ètò àtijọ́, iye ìgbà tí wọ́n bá sún aago ni ó ń pinnu ìgbà tí ìkìlọ̀ yóò lọ. Ṣùgbọ́n kí ni ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ní í ṣe pẹ̀lú oògùn? Ẹni tí ó sún un lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín 8:00 sí 8:30 ṣì ní àyè tí ó pọ̀. Ẹni tí ó sún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí ó sì sùn lọ lórí àga, ti wà nínú ewu pé yóò fo oògùn, kò sì sí ẹni tí ètò náà yóò sọ fún. Nítorí náà, mo yí ìṣirò náà padà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti ẹ̀yìn wá.

Ìparí ni mo kọ́kọ́ wá. Màámi máa ń sùn ní aago 10, bí wọ́n bá sì ti sùn, kò sí ẹni tí yóò jí wọn nítorí oògùn ojú, kò sì yẹ kí a jí wọn. Aago 10 ni òpin, nígbà náà. Mo bi ara mi pé: bí àbúrò mi bá gba ìkìlọ̀, báwo ni yóò ṣe pẹ́ tó kí oògùn tó wọ ojú? Ó lè wà nídìí iná, kí ó rí ìkìlọ̀ náà lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10. Yóò rìn wá, yóò kí wọn, wọn yóò sọ̀rọ̀ díẹ̀, yóò kán tímólóòlù, yóò dúró fún ìṣẹ́jú 5, yóò kán èkejì. Ìyẹn kò ní ju ìṣẹ́jú 30 lọ. Mo tún fi 15 sí i, bóyá fóònù rẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yóò fi ní láti kàn mí. Ìṣẹ́jú 45 kúrò nínú aago 10, ó di 9:15. Bí wọ́n sún un lẹ́ẹ̀kan o, bí wọ́n sún un lẹ́ẹ̀mẹ́fà o, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ nǹkan kan ṣáájú 9:15. Bí ó bá sì kọjá aago 10, ohun gbogbo dákẹ́, nítorí pé ìkìlọ̀ tí kò sí ohun tí ẹni tí ó gbà á lè ṣe mọ́ kò níṣẹ́ kankan ju kí ó kọ́ni láti máa fojú fo ìkìlọ̀ lọ. Dókítà ti sọ fún wa pé bí alẹ́ kan bá fo, kí a má ṣe kán ìlọ́po méjì ní ọjọ́ kejì, pàápàá látánopurósìtì, tí agbára rẹ̀ lè dínkù bí a bá ń kán an ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóòjọ́. Kí ni a fẹ́ fi ìkìlọ̀ aago 11 ṣe, nígbà náà?

Gbogbo òfin náà, pẹ̀lú 21:05 tí mo fi kún un lẹ́yìn náà, wá kéré tó báyìí:

```
start  = 20:00
snooze = 20, 45
warn   = 21:05
call_1 = 21:15
call_2 = 21:30
stop   = 22:00
```

Ọ̀rọ̀ ẹni tí ìkìlọ̀ yóò kọ́kọ́ lọ bá kì í ṣe ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, ìkìlọ̀ 17 ni ó wọ ẹgbẹ́ Wọ́sáàpù ẹbí. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ẹnikẹ́ni nínú wa pe Màámi lórí rẹ̀. Kì í ṣe pé a kò fẹ́ràn wọn. Olúkúlùkù rí i pé àwọn mẹ́fà yòókù náà rí i, ó sì gbà pé ẹni tí ó sún mọ́ wọn jù ti gbé e. Àbúrò mi, tí ó sún mọ́ wọn jù lóòótọ́, sọ pé òun rò pé bí ọ̀rọ̀ náà bá le, ẹ̀gbọ́n wa àgbà yóò sọ fún òun kí òun lọ. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà ní tirẹ̀ rò pé ẹni tí ó wà nílé kò nílò kí a sọ fún un.

Mo wá gbé àbúrò mi sí ipò kìíní, mo fi ara mi sí ipò kejì ní 9:30, mo sì yọ àwọn yòókù kúrò. Ó dun ẹ̀gbọ́n wa díẹ̀. Ní ilé wa, ọ̀rọ̀ Màámi ọ̀dọ̀ àgbà ni ó ń kọ́kọ́ lọ, ó sì bi mí bóyá mo ti gbàgbé ẹni tí òun jẹ́. Mo ṣàlàyé pé kì í ṣe ipò ọlá ni mò ń pín, pé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè gbé e dé ìdí ìgò kí aago 10 tó lù ni mò ń wá, àti pé láti Àbújá, kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe ju kí wọ́n pe àbúrò mi kan náà. A jọ gbà pé ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, wọn yóò máa gba àkójọ ọ̀sẹ̀ náà: iye alẹ́ tí wọ́n kán an, iye tí a fi ìpè ràn wọ́n lọ́wọ́, iye tí ó fo. Ìyẹn tẹ́ wọn lọ́rùn, ó sì wúlò ju ìkìlọ̀ lọ fún ẹni tí ó jìnnà, nítorí òun ni ó lè rí i bí ọ̀sẹ̀ kan bá burú ju èyí tí ó ṣáájú lọ.

Mo tún yí ohun tí ìkìlọ̀ ń sọ padà. Tẹ́lẹ̀, ohun tí ó ń sọ ni pé wọn kò tíì lo oògùn. Nísinsìnyí, ó ń sọ pé: “Lọ bá Màámi kí aago mẹ́wàá tó lù. Ìgò funfun kọ́kọ́, ìgò kékeré lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5. Bí o kò bá lè lọ, fèsì pẹ̀lú 2.” Bí ó bá fèsì pẹ̀lú 2, ọ̀rọ̀ náà yóò wá bá mi lójú ẹsẹ̀, kò ní dúró di 9:30. Èmi ń gbé ní Ọ̀jọ́ọ̀, n kò lè dé Òkè-Àdó ní àkókò náà, ṣùgbọ́n mo ní nọ́ńbà ayálégbé kan tí ó wà ní ilé kan náà pẹ̀lú Màámi, ẹni tí Màámi fúnra wọn yàn, tí ó sì mọ̀ pé mo lè pe òun ní irú wákàtí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò lọ geere. Ní alẹ́ kẹta, àlejò wà, Màámi sì tẹ ìsúnsíwájú ìṣẹ́jú 45 ní 8:40. Ìyẹn yóò mú aago dé 9:25. Ṣùgbọ́n ní 9:15, ìkìlọ̀ lọ bá àbúrò mi, ó sì wọlé wá láàárín àwọn àlejò. Màámi kò sọ ohunkóhun níwájú wọn. Nígbà tí àlejò lọ, wọ́n pè mí, wọ́n ní, “Èmi ni mo bí yín. Ẹ̀rọ yìí ní kí n lọ dá àlejò lóhùn, mo lọ. O tún wá rán àbúrò rẹ wá ṣọ́ mi.” Wọ́n jàre. Mo fún wọn ní àyè pẹ̀lú ọwọ́ kan, mo gbà á pẹ̀lú èkejì. Bí ìsúnsíwájú tí ètò fọwọ́ sí bá kọjá ìgbà tí ètò kan náà yóò fi ọ̀rọ̀ lọ ẹlòmíràn, ẹni tí ó ṣe ohun tí a ní kí ó ṣe ni yóò jìyà rẹ̀, kò sì ní gbà á gbọ́ mọ́.

Àtúnṣe méjì ni mo ṣe sí i. Èkíní ni pé kò sí ìsúnsíwájú tí ó lè kọjá 9:05. Bí wọ́n bá tẹ ìṣẹ́jú 45 ní 8:40, ohun tí yóò fara hàn ni “Màá padà wá ní 9:05,” kí wọ́n lè mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé àyè ti dín. Èkejì ni pé ní 9:05, ohùn tí ó ń jáde kì í ṣe ohùn aago tí wọ́n ti mọ̀ mọ́. Ohùn àbúrò mi ni, tí a gbà sílẹ̀, tí ó ń sọ pé, “Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n wá bá yín kán an.” Wọ́n ní ìṣẹ́jú 10 láti kán an fúnra wọn, tàbí láti tẹ bọ́tìnnì tí ó sọ pé kí ó máa bọ̀. Ìkìlọ̀ kì í bá wọn lójijì mọ́, Màámi sì ni ó ń kọ́kọ́ mọ̀ pé a fẹ́ pe ẹnìkan.

Nípa Done, n kò mú un kúrò, ṣùgbọ́n mo pín in sí méjì. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ariwo yóò dákẹ́ fún ìṣẹ́jú 5 tí ó yẹ kí wọ́n dúró láàárín oògùn méjèèjì, lẹ́yìn náà ni agogo kékeré kan yóò dún fún ìgò kejì, bọ́tìnnì ìparí yóò sì jáde. Ẹni tí ó kàn fẹ́ pa á lẹ́nu mọ́ kò rí èrè kankan nínú rẹ̀ mọ́, ẹni tí ó ń kán oògùn lóòótọ́ sì rí ẹni tí ó ń bá a ka ìṣẹ́jú, ohun tí Màámi ti ń fi tẹ̀sùbáà ṣe tẹ́lẹ̀.

Ohun kan tí n kò rò tẹ́lẹ̀ ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ da gbogbo rẹ̀ rú. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, NẸ́PÀ kò fún wa ní iná fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, fóònù orí tábìlì sì kú ní ọjọ́ kejì. Aago kò ké. Ìkìlọ̀ kò lọ. Àbúrò mi kò gbọ́ nǹkan kan, ó sì rò, bí ẹnikẹ́ni yóò ti rò, pé wọ́n ti kán an. Mo ti fi fóònù tí ń rán Màámi létí náà ṣe ẹni tí yóò sọ fún wa bí kò bá rán wọn létí. Mo wá yí i padà: fóònù orí tábìlì ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù àbúrò mi nígbà tí wọ́n bá kán an tán, fóònù àbúrò mi sì ni ó ń dúró. Bí 9:15 bá lù tí kò rí àtẹ̀jíṣẹ́ kankan, òun fúnra rẹ̀ ni yóò ké. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wá túmọ̀ sí pé nǹkan kò dára. Àtẹ̀jíṣẹ́ lásán ni mo lò, kì í ṣe Wọ́sáàpù, nítorí dátà lè tán láìsí ẹni tí yóò mọ̀. Mo tún ní láti wọ inú Settings fóònù méjèèjì, kí n sì yan Unrestricted fún áàpù ìránnilétí náà ní abẹ́ Battery, nítorí bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, fóònù tí ń du bátìrì lè fi áàpù tí ẹnikẹ́ni kò ṣí sùn, aago yóò sì pẹ́ kí ó tó ké tàbí kí ó má ké rárá.

Ní ọgbọ̀n alẹ́ tí ó tẹ̀lé e, wọ́n tẹ bọ́tìnnì onírun ní alẹ́ 11, wọ́n tẹ ti àlejò ní alẹ́ 4. Ohùn àbúrò mi sọ̀rọ̀ ní 9:05 ní alẹ́ 5. Ìkìlọ̀ 9:15 lọ ní alẹ́ 3, àbúrò mi sì rìn lọ ní gbogbo ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Iná ni ó fa ọ̀kan nínú wọn, Màámi ti kán oògùn fúnra wọn láìsí aago. Kò sí èyí tí ó dé ọ̀dọ̀ mi. Alẹ́ kan fo, ìyẹn alẹ́ tí wọ́n lọ sùn ní ilé òkú ní Ìṣẹ́yìn tí wọn kò sì mú ìgò dání. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin tí wọ́n ṣí ìgò tímólóòlù tuntun, àbúrò mi tún mì ín létí, ó ní ó ti fúyẹ́ bí ó ṣe yẹ.

Oṣù Ràmàdáánì ni ó kù tí a ní láti bójú tó. Lẹ́yìn Ìṣáì, Màámi kì í padà sílé nínú oṣù yẹn, ìrun àsámù ni wọ́n ń dúró kí ní mọ́ṣáláṣí, ó sì lè di aago mẹ́sàn-án kọjá kí wọ́n tó dé. Bọ́tìnnì ìṣẹ́jú 45 kò lè gbà á, n kò sì fẹ́ fi wákàtí kan ààbọ̀ kún bọ́tìnnì náà nítorí oṣù kan. Wọ́n kì í pẹ́ ní ọjà nínú oṣù náà, ilé ni wọ́n ti ń ṣínu. Aago 8 ni mo gbé wá sí 7:20, láàárín ìṣínu àti ìgbà tí wọ́n ń jáde lọ sí mọ́ṣáláṣí, mo sì fi 9:15 sílẹ̀ bí ó ti wà. Màámi ní kí n má gbàgbé láti dá a padà ní ọjọ́ Ìtúnu, nítorí ní ọjọ́ kejì Ìtúnu, ojú ọ̀nà Gbági ni àwọn yóò wà ní 7:20, àwọn kò sì fẹ́ kí ó máa dá ké nínú yàrá bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà.